Òdo Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wọ̀n: Bí Àyè Òfìfo Ṣe Ń Ba Ìpíndọ́gba Jẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìwòsàn kan tó ní ẹ̀ka márùn-ún ṣe àpẹẹrẹ: pàjáwìrì, ọmọdé, eyín, aláboyún àti ojú. Àwọn alákòóso fẹ́ mọ bí aláìsàn ṣe ń pẹ́ tó kí dókítà tó dá a lóhùn. Wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ojú-ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà tó ń kó iye gbogbo ẹ̀ka jọ síbi kan, tó ń fi àwọ̀ ewé sí ẹ̀ka tó ń yára, tó sì ń fi pupa sí èyí tó ń falẹ̀. Nígbà tí oṣù parí, ó gbé e jáde pé aláìsàn ń dúró fún ìṣẹ́jú 35 ní pàjáwìrì, 50 ní ẹ̀ka ọmọdé, 45 ní eyín, 70 lọ́dọ̀ àwọn aláboyún. Ní ẹ̀ka ojú, ìṣẹ́jú 0.

Ẹ̀ka ojú ló wá wà lókè pátápátá, pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá ń wo ojú-ìwé náà láti ọ́fíìsì yóò rò pé bí aláìsàn ṣe ń tẹsẹ̀ wọlé ni dókítà ń pè é. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá mọ̀ pé láti àárọ̀ làwọn arúgbó tí ojú ń dùn ti ń jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé akọ̀wé tó ń tẹ àkókò sínú kọ̀ǹpútà lọ fún ìsinmi, wọn kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Orúkọ aláìsàn wọlé, ọjọ́ tó wá wọlé, ṣùgbọ́n àyè tó yẹ kí ìṣẹ́jú wà ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin. Níbì kan láàárín àyè tó ṣófo yẹn àti ojú-ìwé ọ̀gá, ẹnì kan ti sọ fún ẹ̀rọ pé kó máa pe ohun tí kò mọ̀ ní òdo.

Ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ kò pọ̀, a sì lè tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú détábéèsì, àyè tí a kò kọ nǹkan kan sí ní àmì tirẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ báyìí: NULL. Edgar F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iléeṣẹ́ IBM ní Kalifóníà, ló tẹnu mọ́ ọn pé ó gbọ́dọ̀ wà. Òun ló kọ ìwé ọdún 1970 tó ṣàlàyé bí a ṣe lè to dátà sínú tábìlì onílà àti olópòó, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ détábéèsì ń tọ̀ títí di òní. Nígbà tó di 1985, ó gbé òfin méjìlá kalẹ̀ fún irú détábéèsì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta nínú wọn sọ pé ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà kan pàtó láti fi hàn pé a kò mọ ohun kan, tàbí pé ohun náà kò kan ìlà tó wà níbẹ̀, àti pé ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí òdo. Nígbà tó yá, ó tilẹ̀ fẹ́ kí àmì náà jẹ́ méjì: ọ̀kan fún ohun tó yẹ kó wà àmọ́ tí kò tíì dé, èkejì fún ohun tí kò lè sí rárá. Aláìsàn tó dúró ṣùgbọ́n tí a kò kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó padà sílé kí dókítà tó pè é. SQL, èdè tí a fi ń bá détábéèsì sọ̀rọ̀, mú àmì kan ṣoṣo fún méjèèjì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí sì ń jìyà rẹ̀ di òní.

NULL máa ń sọ ohun tó bá fọwọ́ kàn di NULL. Bí a bá ní kí SQL ro 40 pọ̀ mọ́ NULL, ìdáhùn rẹ̀ ni NULL, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ iye tí 40 àti ohun tí a kò mọ̀ yóò jẹ́. Àwọn iṣẹ́ tó ń kó ìlà púpọ̀ pọ̀, irú bíi AVG tó ń wá ìpíndọ́gba, máa ń fo NULL dá ní tiwọn. Ohun tí olùkọ́ ń ṣe náà nìyí bó bá kọ ABS síwájú orúkọ ọmọ tí kò wá ṣe ìdánwò: kò ní kà á mọ́ àwọn tó gba òdo, kò sì ní fi ṣírò ìpíndọ́gba kíláàsì.

Ẹ wo ẹ̀ka ọmọdé ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ márùn-ún ló wá. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 40, ti èkejì 60, ti ẹ̀kẹta ṣófo, ti ẹ̀kẹrin 50, ti ẹ̀karùn-ún ṣófo. Àpapọ̀ àwọn mẹ́ta tí a mọ̀ jẹ́ 150. Ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn tó ń kọ irú dáṣíbọ́ọ̀dù yìí sábà máa ń gbà wá ìpíndọ́gba rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa mú jáde:

```sql
AVG(iseju)                -- 50
SUM(iseju) / COUNT(*)     -- 30
AVG(COALESCE(iseju, 0))   -- 30
```

Èkíní pín 150 fún àwọn mẹ́ta tó ní àkọsílẹ̀. Èkejì pín in fún márùn-ún, torí pé gbogbo ìlà ni COUNT(*) ń kà, ìbáà ṣófo ìbáà kún. Ẹ̀kẹta kọ́kọ́ fi òdo dí gbogbo àyè tó ṣófo, torí iṣẹ́ COALESCE ni pé kó mú ohun àkọ́kọ́ tí kì í ṣe NULL nínú ohun tí a tò fún un. Lẹ́yìn náà ló wá pín in. Ìṣẹ́jú 20 ló sọnù láàárín 50 àti 30, kò sì sí ọmọ kankan tó dúró fún ìṣẹ́jú 30 láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Irú àṣìṣe yìí ṣòroó rí, torí pé 30 jọ iye tó lè jẹ́ òótọ́. Ti ẹ̀ka tí gbogbo àyè rẹ̀ ṣófo ló máa ń tú àṣírí. Ní ẹ̀ka ojú, AVG(iseju) kò rí nǹkan kan tó lè pín, nítorí náà NULL ló máa dá padà. Ìdáhùn tó tọ́ nìyẹn. Ibo wá ni òdo ti wọlé?

Ó sábà máa ń wọlé nípasẹ̀ ẹni tó fẹ́ ṣe dáadáa. Nígbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù kọ́kọ́ jáde, ibi ẹ̀ka ojú ṣófo gbọlọjọ. Olórí ẹ̀ka náà pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ ọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ibi tiwa fi ṣófo? Ó dà bíi pé ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́.” “Ẹ má bínú, Mà. Mo máa tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.” Ó sì tún un ṣe lóòótọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan péré:

```sql
SELECT eka, COALESCE(AVG(iseju), 0) AS ipindogba
FROM abewo
GROUP BY eka;
```

Àyè náà kún. Ẹnikẹ́ni kò tún pè é mọ́. Àtúnṣe yìí burú ju àìsàn tó fẹ́ wò lọ, nítorí àyè tó ṣófo ń mú kí ènìyàn béèrè ọ̀rọ̀, òdo sì ń pa á lẹ́nu mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ kọ COALESCE, òdo ṣì lè gba ọ̀nà míì wọlé. Ọ̀pọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù ni kì í ṣírò ohun gbogbo nínú détábéèsì. Wọ́n ń kó ìlà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ojú-ìwé, kí JavaScript wá ṣe ìṣirò níbẹ̀. NULL dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi null, JavaScript sì ń ka null sí òdo bó bá ti di ọ̀rọ̀ ìṣirò. 40 pọ̀ mọ́ null jẹ́ 40 lójú tirẹ̀. Bí a bá ro ìṣẹ́jú àwọn aláìsàn ẹ̀ka ojú pọ̀, tí a sì fi iye ìlà pín in, òdo ló máa jáde wẹ́rẹ́ láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ohun kan náà tí SQL kọ̀ láti dáhùn ni JavaScript dáhùn láìṣiyèméjì.

Àwọn tó ń lo Excel náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. AVERAGE inú Excel ń fo àyè tó ṣófo dá, èyí dára. Bí gbogbo àyè bá ṣófo, ó máa kọ #DIV/0!, èyí náà dára, torí kò sí ohun tí yóò pín. Àmọ́ #DIV/0! kò wuyì nínú ìwé tí a fẹ́ gbé síwájú ọ̀gá, ni àwọn ènìyàn bá ń fi IFERROR bò ó:

```
=IFERROR(AVERAGE(C2:C31), 0)
```

Òmíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Bí ẹnì kan bá kọ =C5 sínú àyè kan láti fa ohun tó wà ní C5 wá, tí C5 sì ṣófo, Excel yóò gbé 0 síbẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, olú ọ́fíìsì fi irú fọ́múlà yìí kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan, wọ́n wá lo AVERAGE lórí ohun tí wọ́n kó jọ. AVERAGE tí ì bá fo àyè òfìfo dá wá ń bá òdo gidi pàdé, ó sì ń kà á.

Ẹ̀yìn èyí ni ìṣirò gbogbo ilé ìwòsàn. Àpapọ̀ 35, 50, 45 àti 70 jẹ́ 200. Bí a bá pín in fún ẹ̀ka mẹ́rin tó ní dátà, ìṣẹ́jú 50 ni. Bí òdo ẹ̀ka ojú bá wọ inú rẹ̀, a ó pín 200 fún márùn-ún, ìṣẹ́jú 40 ni yóò sì jáde. Ilé ìwòsàn náà ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yára sí i nítorí pé akọ̀wé kan lọ fún ìsinmi. (Ìpíndọ́gba àwọn ìpíndọ́gba ní àléébù tirẹ̀, torí pé ẹ̀ka tó rí aláìsàn díẹ̀ ní agbára kan náà pẹ̀lú èyí tó rí ọ̀pọ̀, ó sàn kí a kó gbogbo ìṣẹ́jú pọ̀, ká fi iye àwọn aláìsàn tó ní àkọsílẹ̀ pín in.)

Ìhà tí òdo ń ṣubú sí yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Níbi tí iye kékeré ti dára, bíi ìṣẹ́jú ìdúró, ẹ̀ka tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ ló máa gbégbá orókè. Níbi tí iye ńlá ti dára, bíi máàkì tí àwọn aláìsàn fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún wọn, ẹ̀ka náà ló máa wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ pupa, wọ́n sì lè pe olórí rẹ̀ wá ṣàlàyé iṣẹ́ tí kò bàjẹ́. Èyí ẹ̀yìn yìí tètè ń hàn síta nítorí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn yóò pariwo. Ẹni tí wọ́n ń yìn kì í sábà lọ yẹ ìwé wò.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé òdo kan kì í ṣe òdo gidi kò le. Àkọ́kọ́ ni kí a bi ara wa bóyá ohun tí a ń wọ̀n lè jẹ́ òdo ní ìpíndọ́gba rárá. Ènìyàn kan lè dé pàjáwìrì kí wọ́n dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìpíndọ́gba oṣù kan ní ẹ̀ka ojú kò lè jẹ́ òdo géérégé. Ohun kejì ni kí a wo bí iye náà ṣe rí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: bí àwọn yòókù bá jẹ́ 34.7 tàbí 51.2, tí ọ̀kan ṣoṣo sì jẹ́ 0 tí kò mì, ó yẹ kí ara fu ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni kí a bi détábéèsì fúnra rẹ̀. COUNT(*) ń ka gbogbo ìlà, COUNT(iseju) ń ka ìlà tí ìṣẹ́jú wà nínú rẹ̀ nìkan. Ohun tó bá ṣẹ́kù bí a bá yọ èkejì kúrò nínú èkíní ni iye àyè tó ṣófo. Ní ẹ̀ka ọmọdé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, 5 yọ 3, ó ku 2.

Ìṣirò méjì yìí náà ló yẹ kó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpíndọ́gba. Ẹ wo bí a ṣe lè kọ ọ́:

```sql
SELECT e.oruko,
       COUNT(a.id)    AS alaisan,
       COUNT(a.iseju) AS ti_a_ko,
       AVG(a.iseju)   AS ipindogba
FROM eka e
LEFT JOIN abewo a
  ON a.eka_id = e.id AND a.ojo >= '2025-03-01'
GROUP BY e.oruko;
```

LEFT JOIN ló ń mú kí gbogbo ẹ̀ka jáde, títí kan èyí tí aláìsàn kankan kò wá síbẹ̀. Ọjọ́ wà lábẹ́ ON nítorí pé bí a bá gbé e lọ sábẹ́ WHERE, ẹ̀ka tí kò ní àbẹ̀wò yóò pòórá. Ó sì yẹ kó jẹ́ COUNT(a.id), kó má ṣe COUNT(*), torí pé LEFT JOIN ń ṣe ìlà kan fún ẹ̀ka tí kò rí aláìsàn, COUNT(*) yóò sì kà á sí aláìsàn kan.

Kò sí COALESCE níbẹ̀. NULL yóò dé ojú-ìwé bó ṣe rí, iṣẹ́ ojú-ìwé sì ni láti kọ “Kò sí dátà” síbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ eérú, tí kì í ṣe pupa tàbí ewé. Lábẹ́ rẹ̀ ni kó kọ iye aláìsàn tí a kọ àkókò wọn sílẹ̀ nínú gbogbo aláìsàn tó wá. Olórí ẹ̀ka tó rí “0 nínú 212” yóò mọ ẹni tó yẹ kó pè.

Ohun kékeré kan lè tún gbé ẹ̀ka ojú padà sí òkè lẹ́yìn gbogbo èyí. Bí a bá ní kí détábéèsì to àwọn ẹ̀ka láti orí iye tó kéré jù, MySQL àti SQL Server máa ń fi NULL ṣáájú. PostgreSQL ń fi í sẹ́yìn ní tirẹ̀, àmọ́ bí a bá tò ó láti orí iye tó tóbi jù, iwájú ló máa ń fi í sí. Ní PostgreSQL, a lè kọ NULLS LAST sí i. Níbi tí irú rẹ̀ kò bá sí, a lè kọ́kọ́ ya àwọn ẹ̀ka tó ní dátà sọ́tọ̀ kí a tó tò wọ́n.

Gbogbo èyí kò sọ 50 ti ẹ̀ka ọmọdé di òtítọ́ pátápátá. AVG fo àwọn ọmọ méjì dá bí ẹni pé tiwọn jọ ti àwọn yòókù. Ní ilé ìwòsàn, ìdí tí akọ̀wé kì í fi í kọ nǹkan sábà máa ń jẹ́ pé èrò pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí èrò kún fọ́fọ́ làwọn méjì yẹn wá, tí ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú 90, tí èkejì sì dúró fún 110, àpapọ̀ gidi yóò jẹ́ 350, ìpíndọ́gba gidi yóò sì jẹ́ 70. Òdo ti sọ 70 di 30. Fífò ó dá sọ ọ́ di 50. Kò sí fọ́múlà tó lè mú ohun tí a kò kọ sílẹ̀ jáde. Nítorí náà ni iye àkọsílẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ máa bá ìpíndọ́gba rìn, kí ilé ìwòsàn sì pinnu iye tó kéré jù tí wọ́n lè fọkàn tán kí wọ́n tó fi ẹ̀ka kan wé òmíràn.

Ó yẹ ká sọ pé ìgbà wà tí òdo tọ́. Bí ẹ̀ka kan kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ kankan lóṣù yìí, iye iṣẹ́ abẹ rẹ̀ jẹ́ òdo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé SUM lórí tábìlì tó ṣófo yóò dá NULL padà. Níbẹ̀, COALESCE ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ, bí a bá ti mọ̀ dájú pé ẹ̀ka náà fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́. Iye tí a kà lè jẹ́ òdo nígbà tí kò sí nǹkan. Ìpíndọ́gba ohun tí a wọ̀n kò lè rí bẹ́ẹ̀.

DHIS2, sọ́fítíwíà tí Yunifásítì Oslo ní Nọ́wè ń darí iṣẹ́ rẹ̀, tí Nàìjíríà sì ń lò fún ìkójọ ìròyìn ìlera, dojú kọ ìṣòro yìí láti òdìkejì. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, kì í tọ́jú òdo pamọ́ fún ọ̀pọ̀ iye tí a tẹ̀ sínú rẹ̀, kí dátà má bàa pọ̀ jù. Ilé ìwòsàn tó tẹ 0 síwájú iye àwọn tí ibà pa yóò wá jọ èyí tí kò tẹ nǹkan kan. Ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ lè sọ fún un ohun tó yẹ kó tọ́jú òdo rẹ̀, DHIS2 sì ń ṣírò iye ìròyìn tó dé nínú èyí tó yẹ kó dé. Bí a kò bá wo iye yẹn pọ̀ mọ́ ìròyìn ibà, agbègbè tí ìròyìn rẹ̀ kò dé yóò jọ agbègbè tí ibà kò sí.

Àtúnṣe kan kù tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Kì í ṣe inú tábìlì àbẹ̀wò tààrà ni ọ̀pọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń kàwé. Alaalẹ́ ni ẹ̀rọ ń ṣírò ìpíndọ́gba, tó sì ń kó o pamọ́ sínú tábìlì míì. Òdo tó bá ti wọ ibẹ̀ kò ní àmì kankan mọ́ tó lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òdo gidi. Yíyí SQL padà lónìí kò ní fọwọ́ kan oṣù tó ti kọjá. Bí a bá sì pàṣẹ pé kí gbogbo òdo inú rẹ̀ di NULL, a lè nu òdo tó jẹ́ òótọ́ nù mọ́ ọn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé a padà sínú tábìlì àbẹ̀wò, ká tún ṣírò oṣù kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ìwé ńlá tí nọ́ọ̀sì fi ń kọ àkókò bá ṣì wà, bó ṣe rí ní ẹ̀ka ojú, a lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí iye gidi rọ́pò “Kò sí dátà”. Ìpíndọ́gba gbogbo ilé ìwòsàn yóò yí pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣírò wà lábẹ́ iye tuntun náà, kí ẹni tó ti tẹ ìròyìn oṣù náà jáde tẹ́lẹ̀ lè mọ ìdí tí ìwé ọwọ́ rẹ̀ fi sọ 40.